Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Lẹ́tà tó ń gba owó aago ayédèrú padà

Kíkọ “aago yìí kì í ṣe ojúlówó” nìkan kò lè gba owó padà. Ká ní ẹnìkan ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìdóàní ra Seiko 5 lórí ayélujára. Ojúlówó rẹ̀ kì í lo bátìrì; ìrìn ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fún un lágbára, ọ̀pá ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀ sì máa ń yọ́ rìn ni. Bí ti èyí tó dé bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Fọ́tò kò lè fi ìyẹn hàn, ẹ fi fídíò kún un.

Olùtajà lè sọ pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn aago àti ìwé tó lẹ̀ mọ́ páálí fi gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò kan náà. Ó tún lè ní ó sáà ń ṣiṣẹ́. Ṣé ìyẹn ló polówó ni? Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ní kí ọjà bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ẹ kọ nọ́ńbà ọjà, iye owó àti ọjọ́ tí ẹ ń retí owó sínú lẹ́tà náà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí owó kò dé, lẹ́tà yẹn kan náà lẹ máa fi ránṣẹ́ sí àjọ ìdáàbòbò oníbàárà.