Ẹ̀rọ Kan, Ìwé Méjì: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó-orí Ọjọ́ Iwájú Níparí Ọdún

A kọ ìwé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé owó ilé-iṣẹ́, àti fún ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, tí akáwùntáǹtì yín ń gbé bálánsì ṣíìtì síwájú yín níparí ọdún. Ẹ ó rí ìlà kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní owó-orí ọjọ́ iwájú. Ọ̀pọ̀ ló ń bi wá pé: ta ló ń gba owó yìí, nígbà tí a ti san owó-orí ọdún yìí? Ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á. Inú ẹ̀rọ tí ẹ rà ni owó náà ti wá, ẹ jẹ́ ká sì fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ká sọ pé ilé búrẹ́dì kan ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ní mílíọ̀nù 40 náírà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Ọjà tó ń tà lọ́dún ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ, nítorí náà náírà 30 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà èrè rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ń gbà nígbà náà.

Ìwé méjì ni a ó kọ ẹ̀rọ yìí sí. Ti àkọ́kọ́ ni ìwé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ni ín wò ó pé ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 10 kó tó gbó tán, wọ́n sì ń yọ mílíọ̀nù 4 kúrò lọ́dọọdún. Èyí ni dipirisiéṣọ̀n. Ìwé kejì ni ti owó-orí. Òfin kò ka dipirisiéṣọ̀n sí rárá: bí ẹ bá yọ ọ́, a ó dá a padà sórí èrè, a ó sì fi kápítà aláwáǹsì rọ́pò rẹ̀. Nínú òfin tó wà nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà lè yọ ìdajì owó ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, yóò pín ìyókù sọ́nà mẹ́rin, yóò máa yọ ìdá kan lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ yẹn kan náà.

Ní ọdún 2020, ìdajì jẹ́ mílíọ̀nù 20, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyókù sì jẹ́ mílíọ̀nù 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 25. Mílíọ̀nù 5 ni ti ọdún 2021, 2022 àti 2023, àfi pé a gbọ́dọ̀ fi náírà 10 péré sílẹ̀ nínú ìwé títí ẹ̀rọ náà yóò fi kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹ má pa náírà 10 yẹn rẹ́. Òun ló ń fi hàn pé ẹ̀rọ náà ṣì wà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹ̀rọ yìí kù sí mílíọ̀nù 36 nínú ìwé ilé-iṣẹ́, ó sì kù sí mílíọ̀nù 15 nínú ìwé owó-orí. Mílíọ̀nù 21 ló wà láàárín wọn. Ilé-iṣẹ́ ti jẹ àǹfààní mílíọ̀nù 21 yìí lọ́dọ̀ ìjọba, kò sì tíì yọ ọ́ nínú ìwé tirẹ̀. Nígbà tó bá máa yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, kò ní sí aláwáǹsì mọ́ tí yóò bá a gbé e. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù 21 jẹ́ mílíọ̀nù 6.3 náírà, gbèsè tí ẹ ó kọ sí bálánsì ṣíìtì sì nìyẹn.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ìṣirò yín tọ́ nìyí. Ká ní èrè ọdún náà, lẹ́yìn dipirisiéṣọ̀n, jẹ́ mílíọ̀nù 60. Ẹ dá mílíọ̀nù 4 padà, ó di 64. Ẹ yọ aláwáǹsì 25, ó ku 39. Owó-orí tí ẹ ó san jẹ́ mílíọ̀nù 11.7. Ẹ fi 6.3 kún un, ó di mílíọ̀nù 18 gééré, tí í ṣe ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù 60. Bí tiyín kò bá bára mu báyìí, tí kò sì sí ìnáwó tí òfin kò gbà rárá, bí owó ìtanràn, ẹ padà sídìí ìṣirò náà.

Ọdún kejì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Iye tó wà nínú bálánsì ṣíìtì ni gbèsè títí di òní. Iye tó ń wọ inú ìnáwó ọdún ni ìyàtọ̀ láàárín gbèsè ọdún yìí àti ti èṣín.

| Ọdún | Ìwé ilé-iṣẹ́ | Ìwé owó-orí | Gbèsè | Ti ọdún náà |
|---|---|---|---|---|
| 2020 | 36 | 15 | 6.3 | 6.3 |
| 2021 | 32 | 10 | 6.6 | 0.3 |
| 2022 | 28 | 5 | 6.9 | 0.3 |
| 2023 | 24 | ₦10 péré | 7.2 | 0.3 |
| 2024 | 20 | ₦10 péré | 6.0 | −1.2 |

(Mílíọ̀nù náírà ni gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí a kọ ₦10 sí.)

Ní ọdún 2021, ẹgbẹ̀rún 300 náírà ni ẹ ó dẹ́bítì sí ìnáwó owó-orí, tí ẹ ó sì krẹ́dítì sí gbèsè ọjọ́ iwájú. A ti rí ìwé tí wọ́n ti dẹ́bítì mílíọ̀nù 6.6 lódidi, tí gbèsè fi di mílíọ̀nù 12.9 lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Èrè ọdún náà rù, ọkàn àwọn tó ni ìpín bàjẹ́ lórí òfo tí kò sí.

Ẹ wo ọdún 2024. Aláwáǹsì ti tán, dipirisiéṣọ̀n ń lọ. Ẹni tí èrè rẹ̀ ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 60 yóò san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù 64, ìyẹn mílíọ̀nù 19.2. Nígbà náà ni gbèsè ń lọ sílẹ̀ ní mílíọ̀nù 1.2, àpapọ̀ rẹ̀ sì tún di 18. Owó tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni kò gbà ní ọdún 2020 ni ẹ ń san yìí.

Ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ọjà, tí kì í sì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, kò lè lo aláwáǹsì kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ lábẹ́ òfin àtijọ́ yẹn. Bí èrè irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí aláwáǹsì tó kúrò nínú rẹ̀, bá jẹ́ mílíọ̀nù 30, mílíọ̀nù 20 péré ni yóò lò nínú aláwáǹsì mílíọ̀nù 25 lórí irú ẹ̀rọ yìí. Mílíọ̀nù 5 tó kù kò sọnù, yóò bá a wọ ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, bí ó bá dájú pé èrè ń bọ̀ tí yóò gbé e, ẹ yọ mílíọ̀nù 5 kúrò nínú ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 21, ó ku 16, gbèsè sì di mílíọ̀nù 4.8. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ìdajì ọdún àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ mọ́; ìdá kan náà ni a ń yọ lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí irú ohun ìní tí ó jẹ́. Fún ẹ̀rọ tí ẹ bá rà láti ìgbà náà, ìlànà rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣírò ìwé owó-orí yín, kí ẹ sì yọ iye tó bá kù níbẹ̀ kúrò nínú iye tó kù nínú ìwé ilé-iṣẹ́ bí a ti ṣe lókè yìí. Bí iye owó-orí fúnra rẹ̀ bá yí padà nínú òfin kí ọdún yín tó parí, iye tuntun tí yóò wà lọ́jọ́ tí gbèsè bá ń lọ sílẹ̀ ni kí ẹ lò fún gbogbo gbèsè náà, títí kan èyí tí ẹ ti kọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.