Títo Èsì Akẹ́kọ̀ọ́ Mílíọ̀nù Kan Nígbà Tí Àyè Kò Tó

Ká ní èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù kan wà nínú fáìlì kan, tí wọ́n ti to orúkọ wọn láti A dé Y. Èsì kọ̀ọ̀kan gba báìtì 100, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ mẹ́gábáìtì 100. Àyè tó ṣẹ́ kù nínú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà wa kò ju mẹ́gábáìtì 150 lọ. A fẹ́ tún fáìlì náà tò ní máàkì-máàkì, ṣùgbọ́n kí àwọn tí máàkì wọn dọ́gba má kúrò ní ìtẹ̀léra orúkọ wọn.

Kúíkì-sọ́ọ̀tì tí Tony Hoare gbé jáde ní 1961 ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, nítorí pé ó yá. Á mú èsì kan ṣe òṣùwọ̀n, á kó àwọn tó kéré sí i sápá kan, á kó àwọn tó jù ú lọ sápá kejì, á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan. Inú fáìlì náà gan-an ló ti ń pààrọ̀ ipò wọn, kò fẹ́ àyè púpọ̀. Ìfiwéra bíi mílíọ̀nù 20 sí 30 á parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi èsì àkọ́kọ́ ṣe òṣùwọ̀n nígbà gbogbo, tí fáìlì sì ti wà ní títò tẹ́lẹ̀, apá kan á máa ṣófo, apá kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín rárá. Ìfiwéra á di nǹkan bíi bílíọ̀nù 500. Bí o bá fura sí i, da ẹ̀dà fáìlì náà rú, kí o tún un tò. Bó bá yá kánkán lọ́tẹ̀ yìí, òṣùwọ̀n ló ń dá a dúró: máa mú un láti ibikíbi tó bá bọ́ sí.

Àtúnṣe yìí kò tíì gba tiwa là, nítorí ìpààrọ̀ ọ̀nà jíjìn yẹn á tú àwọn tó dọ́gba ká. Híìpù-sọ́ọ̀tì, tí Williams kọ ní 1964, ní àbùkù kan náà. Kì í fẹ́ àfikún àyè, kì í sì í ya bílíọ̀nù bó ti wù kí fáìlì rí, àmọ́ fífò káàkiri mẹ́mọ́rì máa ń mú un lọ́ra ju kúíkì-sọ́ọ̀tì lọ. Ní 1997, David Musser so méjèèjì pọ̀: kúíkì ló máa bẹ̀rẹ̀, bí pípín bá ti jìn jù, híìpù á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Máàjì-sọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ máa ń pa ìtẹ̀léra mọ́. Á pín fáìlì sí méjì, á to apá kọ̀ọ̀kan, á sì dà wọ́n pọ̀. Bí méjì bá dọ́gba, tòsì ló ń kọ́kọ́ mú. Àyè ni wàhálà rẹ̀: ó fẹ́ mẹ́gábáìtì 100 mìíràn, àpapọ̀ á wá di 200. Ọ̀pọ̀ á pa á tì níbí, mo sì rò pé wọ́n yára jù. Kò pọn dandan ká gbé odindi èsì kiri. Ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà báìtì 4, ká fi máàkì rẹ̀ báìtì 4 sí i, ká sì to àwọn yẹn nìkan. Mẹ́gábáìtì 8 nìyẹn, pẹ̀lú 8 mìíràn fún dídàpọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 116, ó sì wọlé. Lẹ́yìn náà, ká tẹ̀ lé àwọn nọ́ńbà náà, ká máa kọ èsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tààrà sínú fáìlì tuntun lórí dísíkì.