Aáyù Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ

Nínú àwọn àfikún oúnjẹ tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù nígbà iṣẹ́ abẹ, aáyù ni ó sún mọ́ wa jù: ó wà nínú àgbo, ó sì wà nínú kápúsù. Bí a bá fi nǹkan gé ara, àwọn èérún kan nínú ẹ̀jẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn láti dí ojú ọgbẹ́. Èròjà ajóìnì inú aáyù ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí ó bá sì ti bà jẹ́ kì í sàn mọ́, àfi kí ara ṣe tuntun.

Ọjọ́ 7 sí 10 ni èérún kọ̀ọ̀kan ń lò, ìdí nìyí tí a fi ń dá aáyù dúró ní ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ẹni tí a óò ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọjọ́ 20 oṣù kò gbọdọ̀ lò ó kọjá ọjọ́ 12. Ọjọ́ 7 náà ni ti jíńsẹ́ǹgì. Wákàtí 36 ni ti gíńkò. Ti epo ẹja yàtọ̀: ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018 lórí iṣẹ́ abẹ ọkàn kò rí i pé ó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ dídà.

Kíka iye èérún nìkan kò lè tú àṣírí aáyù. Iye lè pé, kí iṣẹ́ má pé. Ní 1990, àwọn dókítà ròyìn bàbá ẹni ọdún 87 kan tí ẹ̀jẹ̀ ṣàdédé dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Àjẹjù aáyù ni wọ́n kà sí ohun tí ó fà á. Nítorí náà, kí aláìsàn dárúkọ àgbo rẹ̀ fún akunnilóorun. Ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà kọ, òun ni yóò sọ ìgbà tí a óò dá a dúró.