Bí Àròpọ̀ Ṣe Ń Tú Àṣírí Nọ́ḿbà Tí Ẹ̀rọ Ṣì Kà

Kọ̀ǹpútà tó ń ka risíìtì tàbí ínfọ́ìsì láti inú fọ́tò kò mọ ohun tí owó jẹ́. Àmì dúdú lára pépà ló ń rí, ó sì ń mú nọ́ḿbà tí àmì kọ̀ọ̀kan bá jọ jù lọ. Bí tàdáwà bá ṣá, tí pépà ká, tàbí tí òjìji ọwọ́ bọ́ sórí ìwé nígbà tí wọ́n ń yà á, 7 lè di 1, 3 lè di 8, 6 sì lè di 0. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹni tó bá kà á yóò tètè mọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kan ti yí padà kì í sábà ní ìtumọ̀ mọ́. Ti nọ́ḿbà kò rí bẹ́ẹ̀. ₦70,500 jẹ́ owó, ₦10,500 náà jẹ́ owó. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn lórí ìlà tirẹ̀ nìkan kò ní fura sí nǹkan kan.

Ohun tó ń gba ni lọ́wọ́ irú àṣìkà yìí ni pé ẹni tó ta ọjà ti ṣírò owó náà kó tó tẹ ìwé jáde, gbogbo ìṣirò náà ló sì wà lójú ìwé. Iye ọjà tí a rà, tí a bá fi owó ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tó wà ní ìparí ìlà. Gbogbo owó ìparí ìlà, tí a bá rò wọ́n pọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Àròpọ̀ yìí àti owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní fáàtì ló sì ń di àpapọ̀ owó tí oníbàárà máa san. Nítorí náà, nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ní ẹlẹ́rìí níbòmíràn nínú ìwé kan náà.

Kí a mú ínfọ́ìsì ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀:

- Sìmẹ́ǹtì: àpò 20, ₦9,500 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦190,000
- Irin: ọ̀pá 12, ₦8,450 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦101,400
- Ìṣó: kílò 5, ₦1,800 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦9,000
- Ọ̀dà: garawa 3, ₦23,500 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦70,500

Àròpọ̀ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ₦370,900. Fáàtì Nàìjíríà, tó ti wà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, jẹ́ ₦27,817.50 lórí owó yìí. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di ₦398,717.50.

Ká ní kọ̀ǹpútà ka owó ọ̀dà sí ₦10,500. Tó bá ro ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ₦310,900 ni yóò rí, nígbà tí ìwé ń sọ pé ₦370,900. Ó fi ₦60,000 dín. Àròpọ̀ ti sọ pé àṣìkà wà, àmọ́ kò tíì sọ ìlà tó wà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni a ó wá yẹ̀ wò báyìí. Sìmẹ́ǹtì bá ara mu, irin bá ara mu, ìṣó náà bá ara mu. Ní ti ọ̀dà, garawa 3 ní ₦23,500 kò lè jẹ́ ₦10,500 láéláé, ₦70,500 ni. Ọwọ́ ti tẹ àṣìkà náà.

Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín àròpọ̀ méjèèjì tún máa ń tọ́ka sí irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 6 ló ṣáájú nínú ₦60,000, 6 náà sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 7 àti 1. Bí 3 bá di 8, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ 5 pẹ̀lú òdo mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí nọ́ḿbà méjì tó tẹ̀ léra ti gbapò ara wọn, tàbí kí òdo kan ti já tàbí kí ó ti lé. Ìyàtọ̀ tó bá ṣe déédéé pẹ̀lú owó ìlà kan, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n fo ìlà náà ni, tàbí pé wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Síbẹ̀, ìtọ́ka lásán ni èyí, kì í ṣe ìdájọ́. Bí àròpọ̀ ínfọ́ìsì wa bá fi ₦9,000 lé, ó lè jẹ́ pé wọ́n ka ìṣó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì tún lè jẹ́ pé ₦101,400 ti di ₦110,400, torí ₦9,000 náà ni ìyàtọ̀ wọn. Kíka iye ìlà ni yóò yanjú rẹ̀. Bí wọ́n bá pé márùn-ún, ìṣó ló wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, irin ni kí a lọ wò.

Nígbà mìíràn, àpapọ̀ ìsàlẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ṣì kà. Bí ₦398,717.50 bá di ₦898,717.50, àwọn ìlà yóò ṣì bá àròpọ̀ mu, fáàtì náà yóò sì jẹ́ ìdá 7.5 àròpọ̀ náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí gbogbo àwọn yòókù bá ń jẹ́rìí sí ara wọn, tí ọ̀kan ṣoṣo sì dá dúró, èyí tó dá dúró ni kí a fura sí.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú pé ìṣirò kò dọ́gba bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àṣìkà kankan. Ẹ̀dínwó lè wà tí wọn kò yọ kúrò. Bí ínfọ́ìsì bá gùn ju ojú ewé kan lọ, owó tí wọ́n gbé wá láti ojú ewé àkọ́kọ́ lè wọlé bí ẹni pé ọjà ni. Ilé ìtajà mìíràn kì í kọ kọ́bọ̀, náírà tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n ń kọ. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò lè ju àádọ́ta kọ́bọ̀ lọ níbi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti ṣe é, nítorí náà kò yẹ kí àlàfo tí a ó gbà láàyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gba ₦1,000 láàyè nítorí ìrọ̀rùn, àṣìkà gidi yóò gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn nǹkan kan wà tí àròpọ̀ kò lè rí. Bí ìlà kan bá fi ₦5,000 lé, tí òmíràn sì fi ₦5,000 dín, àròpọ̀ yóò pé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí yíyẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kódà nígbà tí àròpọ̀ bá dọ́gba. Àròpọ̀ kò sì lè mọ̀ bóyá ọjọ́ tó wà lórí ìwé, orúkọ ọjà tàbí nọ́ḿbà àkáǹtì ni wọ́n ṣì kà, torí wọn kò sí nínú ìṣirò owó.

Ohun tó kù ni ohun tí a ó ṣe sí ìwé tí kò dọ́gba. Kò yẹ kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yí nọ́ḿbà padà fúnra rẹ̀ kí ìṣirò lè bá ara mu, nítorí nọ́ḿbà tí a fi tipátipá mú bá àròpọ̀ mu kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan mọ́. Kí ó ya ìwé náà sọ́tọ̀, kí ó kọ iye ìyàtọ̀ àti ìlà tó fura sí, kí akọ̀wé owó sì fi ojú ara rẹ̀ wo fọ́tò náà kí owó náà tó wọ inú ìwé ìṣirò.