Gílóòbù Kú, Wáyà Ò Kú

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ kan n'Íbàdàn pa súìṣì, gílóòbù kú, ló bá na ọwọ́ sí wáyà. Ọ̀gá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Fi tẹ́sítà kàn án ná."

Tẹ́sítà tàn.

"Ọ̀gá, ṣebí mo ti pa á?"

"Wáyà dúdú tí iná ń gbà padà ni wọ́n so súìṣì mọ́. Iná fóòtì 230 ṣì wà lára pupa."

Wọ́n pa méènì. Ọ̀gá fi tẹ́sítà kan wáyà tó ń wọ méènì: ó tàn. Ó kan ti gílóòbù: kò tàn. Ó padà sí ti àkọ́kọ́: ó tún tàn.

"Tẹ́sítà tó bàjẹ́ náà kì í tàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán an wò ṣáájú àti lẹ́yìn, ká tó fọwọ́ kan wáyà."