Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lè bí gbogbo ìyókù?

Ṣé o mọ̀ pé 3 lè bí gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 6? Bẹ̀rẹ̀ láti 1, máa fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀ léraléra, fi 7 pín èsì rẹ̀, kí o sì kọ àṣẹ́kù nìkan sílẹ̀: 3, 2, 6, 4, 5, 1. Ìyá ni 3.

Ṣé o mọ̀ pé 2 kò lè ṣe é? 2, 4, 1: ó ti parí ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ká pe iye ìṣísẹ̀ tí nọ́ńbà gbà kó tó kan 1 ní gígùn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé fíìdì yòówù tó bá níye ló ní ìyá? Fíìdì ni àkójọ nọ́ńbà tí a ti lè ròpọ̀, yọkúrò, sọ di púpọ̀, ká sì fi gbogbo wọn pín àfi 0. Ọdún 1801 ni Gauss tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde fún 7 àti irú rẹ̀, àwọn tí nǹkan kan kì í pín tán àfi 1 àti ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé 8 kọ̀ ọ́? Bí a bá ń fi 8 pín dípò 7, àwọn nọ́ńbà 1, 3, 5 àti 7 ló yanjú x² = 1, ojútùú mẹ́rin fún ìdọ́gba tó yẹ kó ní méjì péré. Ohun tó fà á ni pé 2 × 4 di 0. Nínú fíìdì, nǹkan méjì tí kì í ṣe 0 kì í bí 0, nítorí náà xᵈ = 1 kì í ní ju ojútùú d lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí náà ti ṣẹ̀? Ká ní gígùn a jẹ́ d. a, a², títí dé aᵈ ti jẹ́ ojútùú d fún xᵈ = 1, kò sì sí àyè fún òmíràn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ d wà láàárín wọn: àwọn aᵏ tí k àti d kò ní olùpín kan náà ju 1 lọ. Ká pe iye irú k bẹ́ẹ̀ ní φ(d). Fún d kọ̀ọ̀kan, yálà φ(d) nọ́ńbà ló ní gígùn yẹn, tàbí kò sí rárá.

Wàyí o, ká ní n ni iye àwọn tí kì í ṣe 0. Gígùn kọ̀ọ̀kan ló ń pín n tán. Kọ ìdá 1/n dé n/n, kí o sì dín wọn kù tán. Fún 6: 1/6, 1/3, 1/2, 2/3, 5/6, 1/1. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ d fara hàn ní ìgbà φ(d): 6 lẹ́ẹ̀mejì, 3 lẹ́ẹ̀mejì, 2 lẹ́ẹ̀kan, 1 lẹ́ẹ̀kan. Àpapọ̀ gbogbo φ(d) jẹ́ n gẹ́lẹ́. Bí gígùn kan bá ṣófo, iye náà kò ní pé n mọ́, bẹ́ẹ̀ n ni a kà. Nítorí náà, kò sí èyí tó ṣófo, àti gígùn n pàápàá. Ìyá wà!

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rí yìí kì í sọ ẹni tí ìyá náà jẹ́? A gbọ́dọ̀ dán an wò. Mú fíìdì oní-9: a + bi, tí a àti b jẹ́ 0, 1 tàbí 2, tí 3 di 0, tí i² sì jẹ́ −1. i ti dé 1 ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n (1 + i)² = 2i, ìpele kẹrin rẹ̀ jẹ́ 2, ìkẹjọ sì jẹ́ 1. 1 + i ló bí àwọn mẹ́jọ tí kì í ṣe 0.