Efínrín fún Imú Dídí: Kọ́ọ̀pù Kan Tó, Ẹ Fi Abọ́ Sílẹ̀

Ní Jọ́ọ̀sì níbí, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọyẹ́ ti dé. Ètè ti ń là, eruku ti bo bẹ́ẹ̀dì, tó bá sì di òru, ẹnu ni ìdajì yàrá wa fi ń mí nítorí pé imú ti dí pa. Bí ọ̀fìnkìn bá ti mú ẹnì kan nínú yàrá, kò ní pẹ́ kí ó kárí.

Oògùn tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ni efínrín. Efínrín ńlá, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí etí ewé náà sì rí bí eyín ayùn, ni mo ń sọ. Èyí tí ewé rẹ̀ kéré ni wọ́n ń pè ní efínrín wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jà níbí, ẹ béèrè dàdóyà lọ́wọ́ àwọn ìyá Haúsá, wọn á mọ ohun tí ẹ ń wí. Ní ilé-ìwé wa, ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí Màmá Kíṣìn gbìn. Wọ́n á fún yín ní ewé, bí ẹ bá lè kí wọn dáadáa kí ẹ tó na ọwọ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan lọ́dún tó kọjá. Imú rẹ̀ dí fún ọjọ́ méjì. Ó ranti bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé, ó gba omi híhó sínú abọ́ ńlá kan, ó da efínrín sí i, ó gbé e sáàárín itan rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo orí. Ẹni tó ń sùn lókè bọ́ńkì ò mọ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀. Ó fò sílẹ̀ láti lọ tọ̀. Bẹ́ẹ̀dì mì, abọ́ dojú dé. Kí a tó ká búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, itan rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè wọ ṣòkòtò. Ọ̀fìnkìn tó fẹ́ wò ti lọ ní tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí efínrín ń ṣe gan-an, ká lè mọ ìdí tí a ò fi nílò abọ́ ńlá.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ikun ló kún imú tí kò fi ṣeé mí. Ikun wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Tí kòkòrò ọ̀fìnkìn bá wọ imú, ara á da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ síbẹ̀ láti bá a jà. Awọ inú imú á wá wú bíi búrẹ́dì tí a tì bọ inú tíì, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á sì há. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń fọn imú títí tí etí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, síbẹ̀ tí kò ní là. Ẹ ò lè fọn wíwú jáde. Ìdí kan náà ni imú fi ń dí ju ti ọ̀sán lọ tí a bá dùbúlẹ̀: ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ń lọ síbẹ̀.

Ooru omi gbígbóná máa ń rin ikun tó ti gan, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ó lè rọ̀ kí ó sì jáde wẹ́rẹ́. Òórùn efínrín náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òróró kan wà nínú ewé yẹn, táímọ́ọ̀lù ló sì máa ń pọ̀ jù nínú òróró efínrín ńlá ilẹ̀ wa. Òun ló ń ta wá nímú tí a bá fi ọwọ́ ra ewé náà, tí a fi ń rò pé afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n ooru àti òórùn yìí ò pa kòkòrò ọ̀fìnkìn. Wíwú yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìtura tí ẹ máa rí lè má ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kí imú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ara fúnra rẹ̀ ló ń lé ọ̀fìnkìn lọ, ó sì sábà máa ń gbà á tó ọjọ́ 7 sí 10.

Tó bá jẹ́ pé ìtura ìgbà díẹ̀ ni, ooru inú kọ́ọ̀pù kan tó fún un. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ wá ewé efínrín bíi 8 tàbí 10. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, torí eruku ọyẹ́ àti ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ fi ọwọ́ ya á sínú kọ́ọ̀pù tó wúwo nísàlẹ̀, èyí tí kò ní tètè ṣubú. Ẹ gba omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ní ilé ìdáná, ẹ bu u dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀pù náà, kó má kún dé ẹnu. Kíá, ẹ fi àwo pẹrẹsẹ dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5.

Ìdérí yẹn ṣe pàtàkì. Òróró tó ń ta sánsán yẹn máa ń bá ooru fò lọ ni. Àwọn kan á da ewé sínú ìkòkò, wọ́n á sè é títí, òórùn á gba gbogbo ilé ìdáná. Màmá Kíṣìn máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé imú ìkòkò ló dí ni, àbí imú tìrẹ?" Omi tó máa kù nínú ìkòkò bẹ́ẹ̀ á korò, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ta sánsán mọ́. Tí ẹ bá ṣí ìdérí tiyín tí omi náà ní àwọ̀ ewéko fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí òórùn sì kọ lu imú yín, ó ti dáa nìyẹn.

Kọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe orí itan, ẹ má sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo orí, torí ẹni tó bo orí ò lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ di ojú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ máa sún mọ́ ọn títí ẹ ó fi kan ibi tó tuni lára. Bó bá ń jó yín nímú, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ máa fi imú fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ẹnu mí jáde. Ìṣẹ́jú 5 tó. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fọn imú, ihò kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ dúró kí omi inú kọ́ọ̀pù lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ mu ún. Tíì yín nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ni kọ́ọ̀pù kan ti ṣe. Tíì náà ò lè lé ọ̀fìnkìn lọ, ṣùgbọ́n omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń tu ọ̀nà ọ̀fun lára. Bí ikọ́ bá wà níbẹ̀, ṣíbí oyin kékeré kan nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ó rọlẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe é fún àbúrò yín nílé o, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, àkókò tó sì dára jù ni kí pírẹ́ẹ̀pù tó bẹ̀rẹ̀ àti kí ẹ tó sùn. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ gbé orí sókè díẹ̀ pẹ̀lú pílò méjì. Kọ́ọ̀pù yín, tiyín nìkan ni. Ẹni tó bá ní "fún mi mu díẹ̀", ọ̀fìnkìn ló ń tọrọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá ní ásímà, ìyẹn ikọ́ fée, kó má fa ooru efínrín símú, torí ooru àti òórùn líle lè mú kí àyà rẹ̀ há. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS (kì í ṣe kíláàsì ni mo ń sọ o), tí ara rẹ̀ sì gbóná, kó má dúró se ewé kankan. Síkìbéè ni kó lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ mọ ibi tí efínrín pin sí. Ọ̀fìnkìn máa ń mú kí imú dí, kí ó máa ṣàn, kí èèyàn máa sín, kí ọ̀fun dùn ún. Ṣùgbọ́n tí ara bá gbóná janjan, tí orí ń fọ́, tí òtútù ń mú yín gbọ̀n, ó lè jẹ́ ibà ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ẹ ń mí gúlegúle, tí etí ń ro yín, tàbí tí imú ò là lẹ́yìn ọjọ́ 10, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti mu fún wọn, ẹ má fi efínrín pa mọ́. Wọn ò ní bá yín jà.

Bí omi gbígbóná bá sì dà sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ tètè bọ́ aṣọ tó ti rin kúrò, àyàfi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ gbé ojú ibẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi tútù fún ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, bí ó ṣe máa ń rí níbí, ẹ máa fi ife da omi mímọ́ sí i láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, epo pupa tàbí ẹyin sí i, ẹ má sì fọ́ ohun tó bá lé. Lọ́jọ́ tí ti ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣẹlẹ̀, ọṣẹ ìfọyín la sáré fi kùn ún nítan. Nọ́ọ̀sì ní láti kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lè tọ́jú rẹ̀, igbe tó ké nígbà yẹn sì ju ti ìgbà tí omi dà sí i lọ.

Ọ̀rẹ́ mi náà ṣì ń lo efínrín títí di òní. Orí tábìlì ni kọ́ọ̀pù rẹ̀ máa ń wà.